Adágún Tó Ń Ka Ọdún: Bí Ẹrẹ̀, Igi àti Yìnyín Ṣe Ń Sọ Ìtàn Ọ̀dá Ẹkùn Wa

Ọ̀rọ̀ tòní bẹ̀rẹ̀ láti ibi àríyànjiyàn kan tó wáyé láàárín èmi àti bàbá àgbà mi.

Bàbá ní oko kòkó. Tí ọ̀rọ̀ òjò bá ti ṣẹ́yọ, ọdún 1983 ni wọ́n máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á ní ọdún yẹn ni ọyẹ́ dé tí kò fẹ́ lọ mọ́, tí ewé gbẹ mọ́ orí igi, tí iná sì jó oko kòkó láti ààlà kan dé èkejì. "Irú ọ̀dá yẹn kò ṣẹlẹ̀ rí láti ìgbà tí aláyé ti dáyé." Báyìí ni wọ́n ṣe máa ń parí rẹ̀. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, mi ò pa ẹnu mọ́. Mo ní, "Bàbá, ẹ̀rí wà pé èyí tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ ti ṣẹlẹ̀ ní ẹkùn wa yìí rí, ó sì lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún kó tó dáwọ́ dúró." Bàbá wò mí láti òkè délẹ̀. Wọ́n ní, "Ta ló wà níbẹ̀ tó kà á?"

Ìbéèrè gidi ni o. Àkọsílẹ̀ òjò tí a fi irinṣẹ́ wọ̀n nílẹ̀ wa kò fi bẹ́ẹ̀ ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ. Àgbà tó dàgbà jù kò lè rántí ju ìgbà ọmọdé rẹ̀ lọ. Ta ló wá ń ka òjò ní ọdún 1500? Ìdáhùn mi ni pé adágún omi kan ní Gáná ló ń kà á, igi tó kú sínú adágún náà sì ni ẹlẹ́rìí rẹ̀. Yìnyín tó wà lọ́nà jíjìn réré ló kọ́ wa bí a ṣe ń ka irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú un lẹ́sẹẹsẹ.

Àwo ńlá tí òjò ń rọ̀ sí

Orúkọ adágún náà ni Bosumtwi. Ó wà ní ilẹ̀ Àṣáńtí, nǹkan bíi kìlómítà 30 sí ìlú Kumasi. Tí ẹ bá fa ìlà tààrà láti Èkó lọ sí ìwọ̀ oòrùn, ẹ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá lórí rẹ̀ gan-an, torí ìwọ̀n kan náà ni Èkó àti Bosumtwi fi jìnnà sí ìlà tó pín ayé sí méjì. Afẹ́fẹ́ tútù tó ń gbé òjò wọ Èkó láti orí òkun, òun náà ló ń gbé e wọ ibẹ̀.

Ní nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ọdún sẹ́yìn, òkúta ńlá kan já láti òfurufú, ó balẹ̀ síbẹ̀, ó sì gbẹ́ kòtò tó fẹ̀ tó kìlómítà mẹ́wàá àti ààbọ̀. Omi kún inú kòtò náà. Lónìí, adágún ọ̀hún fẹ̀ tó kìlómítà mẹ́jọ, ibi tó jìn jù níbẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 80.

Ẹ fi ọkàn bá mi lọ níbí, torí ibí ni gbogbo ọ̀rọ̀ rọ̀ mọ́. Odò kankan kò ṣàn jáde láti inú adágún yìí. Òkè yí i ká bí etí àwo. Púpọ̀ nínú omi rẹ̀ ni òjò tó rọ̀ lé e lórí tààrà, ìyókù sì ni ìwọ̀nba odò kéékèèké tó ń ṣàn wá láti ara òkè náà. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí omi ń gbà kúrò níbẹ̀ ni kí oòrùn fà á lọ. Nítorí náà, tí òjò bá pọ̀, adágún á kún; tí òjò bá wọ́n, á fà. Kò yàtọ̀ sí abọ́ tí èèyàn gbé sí ìta láti fi gba òjò. Ohun tó mú abọ́ yìí yàtọ̀ ni pé ó ń kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí i sílẹ̀.

Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó ní ìlà

Ẹni tó bá ti fi ògì sílẹ̀ mọ́jú mọ̀ pé ohun tó wúwo máa ń rọ̀ sísàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí nínú adágún. Lásìkò òjò, àgbàrá á gbé erùpẹ̀ wá láti ara òkè. Lásìkò mìíràn, àwọn ohun tín-tìn-tín tó ń gbé inú omi, irú èyí tó ń sọ omi di àwọ̀ ewé, á kú, wọ́n á sì rọ̀ sísàlẹ̀ pẹ̀lú ìyẹ̀fun funfun kan tó dà bí ẹfun, tí omi fúnra rẹ̀ ń mú jáde. Àwọ̀ wọn kò jọra. Torí náà, lọ́dọọdún, ìlà dúdú kan àti ìlà funfun kan á kún orí èyí tó ti wà nílẹ̀.

Gbogbo adágún ló ní ẹrẹ̀, àmọ́ púpọ̀ nínú wọn kì í ní ìlà. Ekòló, ìgbín inú omi àti ẹja tó ń walẹ̀ á ti da gbogbo rẹ̀ rú. Ohun tó gba Bosumtwi là ni pé kò sí ọ́síjìn ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ́hùn-ún. Òkè tó yí i ká ń dáàbò bò ó lọ́wọ́ atẹ́gùn, omi òkè àti omi ìsàlẹ̀ kì í sábà pò pọ̀. Nǹkan ẹlẹ́mìí tó lè rú ẹrẹ̀ kò lè gbé ibẹ̀. Ìlà tó bá ti tẹ́ síbẹ̀ lọ́dún yìí, bó ṣe tẹ́ ẹ náà ni yóò wà títí ayé.

Ní ọdún 2004, àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè mélòó kan gbé ẹ̀rọ ìwalẹ̀ sórí omi náà. Wọ́n ti páìpù wọnú ẹrẹ̀ títí ó fi kan àpáta ìsàlẹ̀. Ẹrẹ̀ tí wọ́n bá níbẹ̀ ga tó nǹkan bíi mítà 290. Ẹ bá mi ṣe ìṣirò kékeré: tí mítà 290 bá jẹ́ iṣẹ́ mílíọ̀nù kan ọdún, a jẹ́ pé ọdún kan kò ju nǹkan bíi ìdá mẹ́ta mìlímítà kan lọ. Lóòótọ́, ẹrẹ̀ òkè nípọn ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí ẹrù kò tíì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ti rí i pé iṣẹ́ ojú kọ́ nìyẹn. Ẹ̀rọ tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá ló ń ṣe é.

Ẹrẹ̀ òkè ló ń fún wọn níṣòro jù. Ó rọ̀ bí ẹ̀kọ mímu. Tí o bá ti páìpù bọ̀ ọ́, á dà rú, á sì dà nù, ọdún tó sún mọ́ wa jù ló sì ń lọ bẹ́ẹ̀. Ọgbọ́n tí wọ́n dá sí i dára púpọ̀. Wọ́n á mú àpótí alumíníọ́ọ̀mù tó ní ẹnu ṣóńṣó, wọ́n á kó gáàsì kábọ́ọ̀nù dídì pọ̀ mọ́ ọtí líle sínú rẹ̀. Òtútù rẹ̀ ju ti fìríìsà ilé wa lọ fíìfíì. Wọ́n á rọra sọ ọ́ kalẹ̀ wọnú ẹrẹ̀, wọ́n á sì dúró. Ẹrẹ̀ tó yí i ká á dì mọ́ ara rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ìlà tó wà nínú rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá fà á sókè, ìwé náà ti délé láìfaya.

Báwo la ṣe mọ̀ pé ìlà kan jẹ́ ọdún kan?

Bàbá ìbá bèèrè èyí náà, àwọn onímọ̀ sì gbọ́dọ̀ bèèrè rẹ̀ kí wọ́n tó ka nǹkankan. Ó lè jẹ́ pé òjò ńlá méjì nínú ọdún kan ló mú ìlà méjì wá. Ó sì lè jẹ́ pé ọdún kan wà tí kò fi ìlà sílẹ̀ rárá.

Ohun tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò ni àmì tí a ti mọ ọjọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Láàárín ọdún 1950 sí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1960, àwọn orílẹ̀-èdè alágbára ń yin bọ́ǹbù átọ́míìkì dánrawò nínú afẹ́fẹ́. Ohun kan tí wọ́n ń pè ní sísíọ̀mù 137 fọ́n ká gbogbo ayé, ó sì ń rọ̀ bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú òjò. Ọdún 1963 ló pọ̀ jù, torí ọdún náà ni wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn láti dá ìdánrawò inú afẹ́fẹ́ dúró. Nítorí náà, ibikíbi tí sísíọ̀mù bá ti ga jù nínú ẹrẹ̀, 1963 nìyẹn.

Ká wá sọ pé a gbé ẹrẹ̀ jáde ní 2004. Láti 1963 sí 2004 jẹ́ ọdún 41. Tí a bá ka ìlà láti òkè wá sísàlẹ̀, tí a sì bá sísíọ̀mù tó ga jù ní ìlà kọkànlélógójì tàbí ẹ̀bá rẹ̀, a lè fọkàn balẹ̀. Tí a bá bá a ní ìlà ọgọ́rin, a ti mọ̀ pé ìlà méjì ló ń wá lọ́dún. Fún ẹrẹ̀ tó dàgbà ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á wá ewé tàbí igi wẹ́wẹ́ tó bọ́ sínú rẹ̀, wọ́n á fi kábọ́ọ̀nù 14 wádìí ọjọ́ orí rẹ̀, wọ́n á sì fi wé iye ìlà tí wọ́n ti kà.

Ìgò bíà tó wà nínú ọgbà

Ó dáa, a ti mọ ọdún. Báwo la ṣe wá mọ̀ bóyá òjò rọ̀ tàbí kò rọ̀ lọ́dún náà? Ẹ jẹ́ ká kúrò ní Gáná fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ká dé ìlú Copenhagen ní Denmark, torí ibẹ̀ ni ìmọ̀ tí wọ́n lò ní Bosumtwi ti ní ọ̀kan lára gbòǹgbò rẹ̀.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1952, ọ̀gbẹ́ni Willi Dansgaard fi àrọ sẹ́nu ìgò bíà kan, ó sì gbé e sínú ọgbà ilé rẹ̀ kó máa fi gba òjò. Ohun tó ń wá ni irú ọ́síjìn tó wà nínú òjò náà. Gbogbo omi ló ní ọ́síjìn, ṣùgbọ́n nínú nǹkan bíi 500 ọ́síjìn, ẹyọ kan á wà tó wúwo ju àwọn tó kù lọ. Ọ́síjìn 18 ni wọ́n ń pè é. Àwọn tó fúyẹ́ jẹ́ ọ́síjìn 16. Dansgaard rí i pé bí òjò ṣe ń rọ̀ lọ, ìwọ̀n ọ́síjìn wíwúwo tó wà nínú rẹ̀ ń yí padà, ó sì ń bá bí òtútù ṣe pọ̀ tó lọ. Ó wá ronú pé yìnyín tó bo ilẹ̀ Greenland jẹ́ òjò àtijọ́ tó dì sórí ara rẹ̀ lọ́dọọdún. Tí ọ́síjìn inú òjò bá lè sọ òtútù òní, á jẹ́ pé ọ́síjìn inú yìnyín lè sọ òtútù àtijọ́.

Ní 1966, àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbẹ́ yìnyín jáde láti òkè dé ilẹ̀ ní ibùdó wọn tó ń jẹ́ Camp Century ní Greenland. Ó gùn tó nǹkan bíi mítà 1,390. Dansgaard àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọ̀n ọ́síjìn inú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, wọ́n sì ka ìtàn òtútù tó lé ní ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún ọdún.

Ní ẹkùn tiwa, yìnyín kò sí. Òtútù kọ́ ni wàhálà wa náà, òjò ni. Ọ́síjìn kan náà ṣì wúlò fún wa, ọ̀nà tí a fi ń kà á ló yàtọ̀. Ẹ rántí ìkòkò ọbẹ̀ lórí iná. Bí omi bá ṣe ń gbẹ, bẹ́ẹ̀ ni iyọ̀ á máa ga, torí omi ló ń bá ooru lọ, iyọ̀ ń jókòó. Nínú adágún, omi tó ní ọ́síjìn fífúyẹ́ ló ń yára bá oòrùn lọ. Èyí tó ní ọ́síjìn wíwúwo máa ń lọ́ra, ó ń jókòó bí iyọ̀. Tí òjò kò bá wá tún un ṣe, adágún á máa "níyọ̀" sí i. Ìyẹ̀fun funfun tó ń jáde nínú omi, èyí tí mo fi wé ẹfun lẹ́ẹ̀kan, á gba ọ́síjìn yẹn sára, á sì rọ̀ lọ sínú ìlà ọdún náà.

Torí náà, iṣẹ́ wọn kò le láti ṣàlàyé: wọ́n á gbé ìyẹ̀fun funfun láti inú ìlà kọ̀ọ̀kan, wọ́n á wọ̀n ọ́síjìn rẹ̀. Ibi tí ọ́síjìn wíwúwo bá ti pọ̀, ọbẹ̀ ti gbẹ níbẹ̀. Ọ̀dá nìyẹn.

Ohun tí wọ́n rí

Timothy Shanahan, Jonathan Overpeck àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ló ṣe iṣẹ́ yìí fún nǹkan bíi ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ọdún tó kọjá, wọ́n sì gbé e jáde ní 2009.

Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n rí ni pé ọ̀dá kì í ṣe àlejò ní ẹkùn yìí. Bí ìgbì ni òjò ṣe ń pọ̀ tó tún ń dín, ó sì ń gba ọ̀pọ̀ ọdún kó tó yí padà. Ó jọ pé bí omi òkun Àtìláńtíìkì ṣe ń gbóná tó sì ń tutù ló ń darí rẹ̀. Ọ̀dá tó mú ẹkùn Sàhẹ́lì láti nǹkan bíi 1970 dé àwọn ọdún 1980, èyí tí ti bàbá àgbà mi wà lára rẹ̀, wà nínú àwọn ìgbì wọ̀nyí. Kò yọ rárá láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ohun kejì ló lé oorun lójú mi. Yàtọ̀ sí àwọn ìgbì kéékèèké yìí, ọ̀dá ńláńlá wà tó ń gba ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Èyí tó ṣẹlẹ̀ kẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bíi ọdún 1400, ó sì parí ní nǹkan bíi 1750. Ọmọ bí ọmọ, ọmọ ọmọ bí ọmọ, títí dé nǹkan bíi ìran méjìlá, kò sí ẹni tó mọ adágún náà ní kíkún rẹ̀.

Igi tó dúró sínú omi

Ẹnì kan lè sọ pé, "Ọ̀rọ̀ ọ́síjìn yìí, a ò rí i lójú. Bóyá nǹkan mìíràn ló fà á." Ó tọ́ kó sọ bẹ́ẹ̀. Ẹlẹ́rìí kejì ló wá pa á lẹ́nu mọ́.

Nínú adágún Bosumtwi, àwọn igi ńlá kan wà tó ti kú, tí gbòǹgbò wọn ṣì wà nínú ilẹ̀, tí wọ́n sì dúró ṣánṣán lábẹ́ omi. Ilẹ̀ tí àwọn igi yìí ti hù wà ní nǹkan bíi mítà 15 sí 20 sísàlẹ̀ ojú omi òní. Ẹ fi ilé alájà mẹ́rin tàbí márùn-ún wọ̀n ọ́n, kí ẹ lè mọ bó ṣe jìn tó. Igi igbó kò lè hù lábẹ́ irú omi bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí àwọn igi yìí ń hù, gbígbẹ nilẹ̀ ibẹ̀ wà, etí omi sì wà nísàlẹ̀ wọn. Wọn ò sì hù lóòjọ́ kan. Ó pẹ́ tí ilẹ̀ náà fi gbẹ kí wọ́n tó di igi ńlá. Lẹ́yìn náà ni omi padà wá, ó sì rì wọ́n.

Ìgbà wo ni? Kábọ́ọ̀nù 14 ló sọ ọ́. Gbogbo ohun alààyè ló ní díẹ̀ nínú rẹ̀. Ìgbà tí igi bá kú, kì í gba tuntun mọ́, èyí tó wà nínú rẹ̀ á sì máa parẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ìdajì rẹ̀ á ti lọ lẹ́yìn ọdún 5,730. Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ tèmi hàn yín. Tí mo bá wọ̀n igi kan, tí mo rí i pé 96 ló kù nínú 100, ìṣirò á fún mi ní nǹkan bíi ọdún 340. Igi tó wà lẹ́bàá èèpo ló ń sọ ìgbà tí igi kú, ìyẹn ìgbà tí omi padà dé. Igi tó wà ní àárín gbùngbùn ló ń sọ ìgbà tó hù, ìyẹn ìgbà tí ilẹ̀ ti gbẹ. Àwọn igi Bosumtwi bọ́ sí àsìkò kan náà tí ọ́síjìn inú ẹrẹ̀ pè ní ọ̀dá. Ẹlẹ́rìí méjì tí kò bára wọn sọ̀rọ̀ rí sọ ohun kan náà.

Ibi tí a ti lè ṣìnà

Mi ò ní fẹ́ kí ẹ rò pé ìwé yìí kò ní àléébù. Àkọ́kọ́, ọ́síjìn inú adágún kò wọn òjò nìkan. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín òjò tó wọlé àti omi tí oòrùn fà lọ ló ń wọ̀n. Tí ooru bá pọ̀ sí i tí òjò kò sì dín, adágún á ṣì dà bí ẹni tó wà nínú ọ̀dá. Fún àgbẹ̀, ìyàtọ̀ náà lè má pọ̀, torí ilẹ̀ rẹ̀ gbẹ lọ́nà méjèèjì. Àmọ́ onímọ̀ gbọ́dọ̀ sọ ohun tó wọ̀n.

Ìkejì, kábọ́ọ̀nù 14 ní ibi tó ti máa ń dojú rú. Iye rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ kò dúró sójú kan, pàápàá lẹ́yìn nǹkan bíi ọdún 1650. Igi kan lè bá ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ mu láàárín 1650 sí 1950. Ìdí nìyẹn tí ìlà inú ẹrẹ̀ fi ṣe pàtàkì. Òun ló ń yan èyí tó tọ̀nà nínú wọn.

Ìkẹta, adágún kan kì í ṣe gbogbo ilẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Bosumtwi kò fi dandan ṣẹlẹ̀ bákan náà ní Ọ̀yọ́ tàbí Kétu. Ẹlẹ́rìí tó sún mọ́ wa la nílò.

Apá àti àyìn náà ní àkọsílẹ̀

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé igi ilẹ̀ olóoru kì í ní òrùka ọdún, torí kò sí ìgbà òtútù tó ń dá a dúró. Fún igi inú igbó kìjikìji, ọ̀rọ̀ náà súnmọ́ òtítọ́. Ní ilẹ̀ ọ̀dàn ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀rùn wa le tó láti dá igi dúró. Igi á wọ́wé, kò ní dàgbà mọ́ títí òjò á fi padà dé, àlà tẹ́ẹ́rẹ́ á sì hàn láàárín ọdún tó lọ àti èyí tó dé. Ọdún tí òjò bá pọ̀, òrùka á fẹ̀. Ọdún ọ̀dá, á fún.

Ní 2006, Jochen Schöngart àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé iṣẹ́ jáde lórí igi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó igba, tí wọ́n mú ní òkè odò Wèmè ní orílẹ̀-èdè Benin àti ní àríwá ìlà oòrùn Ivory Coast. Irú igi mẹ́fà ni wọ́n lò; apá àti àyìn tí gbogbo wa mọ̀ wà lára wọn. Wọ́n fi òrùka wọn wé àkọsílẹ̀ òjò, wọ́n rí i pé wọ́n bára mu, ìyẹn ló sì fi hàn pé òrùka ọdọọdún ni lóòótọ́. Láti ibẹ̀, wọ́n ka òjò òkè Wèmè padà sẹ́yìn títí dé 1840. Ohun tí igi sọ ni pé láti ìgbà náà wá, ilẹ̀ ọ̀hún ń gbẹ sí i.

Ẹ kíyè sí i pé 1840 ni òpin rẹ̀. Igi wa kì í pẹ́ tó ti ilẹ̀ òtútù. Ikán àti iná ìgbẹ́ kì í jẹ́ kí òkú igi pẹ́ nílẹ̀. Igi mọ ọdún kọ̀ọ̀kan dáadáa, àmọ́ ìrántí rẹ̀ kúrú. Ẹrẹ̀ ni ìrántí rẹ̀ gùn.

Kí ló wá kàn wá?

Ọ̀dá 1983 tí mo pè ní kékeré yẹn, ẹ rántí ohun tó ṣe. Ní oṣù kìíní ọdún náà ni ìjọba wa lé àwọn àjèjì tó lé ní mílíọ̀nù kan kúrò nílùú, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ará Gáná. Ibẹ̀ ni báàgì Gáná-mọ́sígò ti gba orúkọ. Wọ́n délé bá ilẹ̀ gbígbẹ, bá iná tó ń jó oko kòkó, bá ebi. Omi tó wà lẹ́yìn ìdídò Akosombo lọ sílẹ̀ débi pé ńṣe ni wọ́n ń pín iná mànàmáná fún ara wọn. Púpọ̀ nínú ìyà yẹn wá láti inú ọ̀dá tí adágún Bosumtwi kà sí èyí tí kò jọ ọ́ lójú.

Ìdídò tí a ń lò, kòkó tí a ń gbìn, àwọn ìlú ńlá tí a tẹ̀ dó, ọ̀rúndún kan péré là ń wò tí a fi ṣètò wọn. A kò tíì gbé lábẹ́ ọ̀dá irú ti 1400 sí 1750 pẹ̀lú iye èèyàn tí a jẹ́ báyìí.

Yìnyín tún ní ọ̀rọ̀ kan láti fi kún un. Nínú yìnyín ilẹ̀ gúúsù ayé, èyí tí wọ́n gbẹ́ ní Dome C ní Antarctica, afẹ́fẹ́ àtijọ́ há sínú ihò wẹ́wẹ́ láti 800,000 ọdún sẹ́yìn. Nínú gbogbo ìgbà yẹn, gáàsì kábọ́ọ̀nù dáyọ́síáìdì kò kọjá nǹkan bíi 300 nínú mílíọ̀nù kan. Lásìkò tí igi ń hù nínú adágún Bosumtwi, ó wà ní nǹkan bíi 280. Lónìí, ó ti kọjá 420. Ìyẹn ni pé ọ̀dá ọ̀ọ́dúnrún ọdún yẹn ṣẹlẹ̀ láìsí ọwọ́ wa níbẹ̀ rárá. Àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣírò ojú ọjọ́ ọ̀la kò tíì fẹnu kò bóyá òjò yóò pọ̀ tàbí yóò dín ní ẹkùn wa. Ohun tí kò sí àríyànjiyàn lórí rẹ̀ ni pé ayé ń gbóná, ooru sì ń fa omi. Tí ọ̀dá ńlá bá tún dé, orí iná tó gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ni ìkòkò ọbẹ̀ wa yóò wà.

Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún bàbá. Ọ̀rọ̀ ọ́síjìn kò wọ̀ wọ́n létí, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé orí igi tó dúró lábẹ́ omi, wọ́n dákẹ́. Ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Ẹni tó gbin nǹkan sí etí omi yẹn, ṣé ó mọ̀ pé omi ń bọ̀ wá padà?" Mo ní kò lè mọ̀, torí bàbá bàbá rẹ̀ gan-an kò rí i níbẹ̀ rí. Bàbá ní, "Àwa náà kò sì rí ọ̀dá tiwọn rí." Mi ò ní èsì míì.